Owó gáàsì, owó ọkọ̀, owó káàdì: báwo lẹ ṣe ń fi ààlà sí i láàárín ẹbí?

Àdùkẹ́ Abẹ́òkúta

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ohun kékeré-kékeré tí ẹbí ń bèèrè ni mo fẹ́ ká bá ara wa sọ. Kì í ṣe ti ìsìnkú tàbí iṣẹ́ abẹ, torí ìyẹn, a máa ń pe ìpàdé lé e lórí. Èyí tí mò ń wí ni ti ìyàwó àbúrò bàbá mi tó fẹ́ ra gáàsì, ti ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí owó ọkọ̀ kò tó, ti ọmọ aládùúgbò wa àtijọ́ tó ti di ẹbí, tó ní kí n kàn fi káàdì ₦500 ránṣẹ́. Olùkọ́ ni mí. Tí owó oṣù bá ti wọlé báyìí, fóònù mi kì í sinmi. Kò sí èyí tó pọ̀ nínú wọn, kò sì sí èyí tí mo lè ní irọ́ ni. Àmọ́ kí oṣù tó dé ìdajì, owó oúnjẹ àwọn ọmọ mi ti bá a lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ọ̀nà gbé e gbà, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ṣe é tí ẹbí kò fi túká?

Aláṣọ Òfì Ìṣẹ́yìn

Ẹ̀gbọ́n, ìwé ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ. Níbi tí mo ti ń ta òfì, ẹni tó bá fẹ́ gbà á láwìn, màá kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tó máa san, àti ẹni tó dúró fún un. Ìbáà jẹ́ ẹbí, ìbáà jẹ́ ará ìta, ìwé kan náà ni. Ẹni tí kò bá san ti àkọ́kọ́ kò ní gba òmíràn.

Àdùkẹ́ Abẹ́òkúta

O ṣeun, àbúrò mi. Kì í ṣe àwìn ni mò ń sọ. Kò sí lọ́kàn wọn láti san án padà, èmi náà kò sì retí rẹ̀. Wọ́n lè sọ pé “yá mi”, àmọ́ tèmi tiwọn la mọ̀ pé fífún ni.

Ìyá Ìkìrun

Àdùkẹ́ ọmọ mi, jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe tèmi. Akọ̀wé owó ni mí nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ra ìwé pélébé kan, mo sì ń kọ gbogbo owó tó ń ti ọwọ́ mi bọ́ sọ́wọ́ ẹbí sílẹ̀: ta ló gbà á, kí ló ní òun fẹ́ fi ṣe, ọjọ́ wo. Mi ò tíì kọ̀ fún ẹnikẹ́ni nígbà yẹn, mo kàn ń kọ ọ́ ni. Kí ìwọ náà ṣe é fún bí oṣù mẹ́ta kí o tó sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni, torí ohun tó o rò pé ó ń jẹ owó rẹ lè má jẹ́ òun.

Nínú tèmi, èyí tó pọ̀ jù kì í ṣe pàjáwìrì rárá. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àǹtí mi ni, tó ń tán lóṣooṣù. Ohun tó bá ń padà wá lóṣooṣù, ìnáwó ni, a ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. Kò yẹ kí àgbàlagbà máa wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi bẹ̀bẹ̀ fún un ní gbogbo ìgbà. Àwọn kan ní àsìkò tiwọn: oṣù kẹsàn-án tí àwọn ọmọ ń wọlé, Iléyá, Kérésì. Àwọn tó kù ló ń wá bó ṣe wù wọ́n, àwọn yẹn gan-an ló nílò ààlà.

Ká ní ₦180,000 ni èèyàn ń gbà lóṣù, tó sì ti wò ó pé òun lè yọ ₦20,000 láìjẹ gbèsè. Kó ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún un, kí ₦20,000 yẹn sì bọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé, kó tó ná kọ́bọ̀. Ká ní oògùn àǹtí jẹ́ ₦9,000, ti ìyá rẹ̀ jẹ́ ₦5,000. Ó ku ₦6,000, òun ni ti gáàsì, ti ọkọ̀ àti ti káàdì. Ẹni tó bá tètè dé ló máa rí i gbà. Bó bá tán lọ́jọ́ kẹwàá, ó tán nìyẹn. Bó bá sì ṣẹ́ kù, kó má kó o padà sínú owó ilé, kó fi í sílẹ̀ de oṣù kẹsàn-án.

Jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ti oògùn yìí. Tẹ́lẹ̀, owó ni mo máa ń fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí àǹtí, mo rí páálí oògùn lórí tábìlì wọn, mo sì gbé e wò. Ó yẹ kó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àmọ́ ìdajì bébà fàdákà ẹ̀yìn rẹ̀ ni kò tíì ya. Wọ́n ní àwọn ń lò ó lónìí, àwọn á fi tọ̀la sílẹ̀ kó lè pẹ́, torí wọ́n lé ọmọ ọmọ wọn nílé ìwé, àwọn sì ti fi owó oògùn tó ń bọ̀ san án. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá wọn, ó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oògùn yẹn kò dà bíi ti orí fífọ́ téèyàn ń lò nígbà tó bá ń dùn ún. Ojoojúmọ́ ni, kódà bí ara bá le. Láti ìgbà yẹn, onífámásì tó wà nítòsí wọn ni mò ń san owó fún. Yóò kó ti oṣù kan fún wọn, yóò sì ya rísíìtì ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù. Àǹtí kọ́kọ́ bínú, wọ́n ní mi ò fọkàn tán àwọn. Mo ní, “Àǹtí, ẹ̀yin kọ́. Àwọn tó mọ ọjọ́ tí owó yín ń dé ni mò ń gbà yín lọ́wọ́ wọn.” Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbà, àmọ́ ní báyìí, àwọn fúnra wọn ló ń sọ fún àwọn ọmọ ọmọ pé owó kò sí lọ́wọ́ àwọn, oògùn ló wà.

Bákan náà, má ṣe sọ pé “kò sí.” Wọ́n á rí ọ nínú aṣọ ẹbí lórí Wọ́sáàpù lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á ní o purọ́, ọ̀rọ̀ á sì di ìjà. Ohun tí mò ń sọ ni pé, “Èyí tí mo yà sọ́tọ̀ fún oṣù yìí ti tán. Ẹ rán mi létí lóṣù tó ń bọ̀, màá fi tiyín ṣáájú.” Kí o sì fi tiwọn ṣáájú lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ni kò ní rán ọ létí mọ́. Ẹni tó bá rán ọ létí, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ nìyẹn, fetí sí i dáadáa.

Bàbá Ìbejì Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú àlàyé, Ìyá wa. Tiwa tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo àwa tá à ń ṣiṣẹ́ ń dá ₦3,000 lóṣù fún olórí ẹbí. Ẹni tó bá nílò nǹkan, kó lọ bá Bàbá. Kò sẹ́ni tó ń pè mí nítorí káàdì mọ́. Gbogbo ẹbí ló yẹ kó ṣe é bẹ́ẹ̀.

Àbíkẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́

Bàbá Ìbejì, a ṣe irú rẹ̀ rí. Àwọn tó lẹ́nu nínú ẹbí ló ń rí i gbà. Ìyàwó àbúrò bàbá wa, ọkọ rẹ̀ ti kú, yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé. Kò lè lọ jókòó síwájú olórí ẹbí láàárín àwọn àgbààgbà, kó máa sọ pé gààrí ti tán. Kò gba kọ́bọ̀ nínú owó náà, a ò sì mọ̀ àfi ìgbà tí ọmọ rẹ̀ sọ fún mi. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bèèrè bí wọ́n ṣe ná an, Bàbá ní ṣé a fẹ́ pe àwọn lólè ni. Ìdáwó náà dáwọ́ dúró lóṣù yẹn. Ó dùn mí dọ́kàn, torí ẹni tá a tìtorí rẹ̀ dá owó náà kò jẹ níbẹ̀.

Bàbá Ìbejì Ẹ̀pẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ó yẹ kí n ti sọ pé tiwa, Bàbá ló ń pàṣẹ, àmọ́ àbúrò mi obìnrin ló mú owó dání, òun ló sì ń kọ ọ́. Àwọn obìnrin ilé ń bá a sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Bóyá òun gan-an ló jẹ́ kó dúró.

Àlàkẹ́ Mánṣẹ́sítà

Ẹ jẹ́ kí n bá wọn dá sí i láti òkè òkun. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe, alẹ́ ló sì pọ̀ jù. Bí mo bá tan fóònù láàárọ̀, ohùn ẹbí ló máa ń kún un. Ìṣòro tèmi ni iye. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà, pọ́n-ùn kan ń di owó tó pọ̀ gan-an nílé. Ẹbí rí ìyẹn, ẹni tó ń bèèrè ₦5,000 wá ń bèèrè ₦20,000, wọ́n ní kò ju pọ́n-ùn mélòó kan lọ. Wọn kò rí owó ilé àti owó iná tí mò ń fi pọ́n-ùn kan náà san níbí.

Mo wá fi náírà dá iye kan, mo ní òun ni màá máa fi ránṣẹ́. Ó bá mi lára mu fún ìgbà díẹ̀. Àmọ́ ìrẹsì, epo àti owó ọkọ̀ gbówó lórí nílé, iye yẹn kò ra ohun tó ń rà mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n dá a ní pọ́n-ùn. Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, á dà bíi pé mo fi kún un fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò sì ní gbà bí náírà bá lágbára tó bá dín kù. Mi ò tíì mọ èyí tó dáa jù.

Ìyá Ìkìrun

Àlàkẹ́, èmi yóò fi í sí náírà, màá sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní oṣù kan tí gbogbo wọn mọ̀. Àmọ́ mi ò gbé òkè òkun rí. Kí àwọn tó wà níbẹ̀ dá sí i.

Àlàkẹ́ Mánṣẹ́sítà

Ẹ ṣé, mà. Ti ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún yẹn wọ̀ mí létí. Oṣù kìíní ni màá mú.

Àdùkẹ́ Abẹ́òkúta

Mo ti ra ìwé, Ìyá mi. Ohun kan ló kù tó ń dà mí láàmú. Àwọn kan kì í pè mí rárá, ìyá mi ni wọ́n ń bá. Ìyá mi á wá pè mí, wọ́n á ní, “Dákun, bá mi fún lágbájá ní ₦3,000.” Ẹnu tó ń bèèrè yẹn, ṣé èèyàn lè sọ fún un pé ti oṣù yìí ti tán?

Ìyá Ìkìrun

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ti ìyá ẹni dá dúró nínú ₦20,000 yẹn. Fi tiwọn lé wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan náà lóṣooṣù, má sì bèèrè ẹni tí wọ́n fún. Bí lágbájá bá wá, àwọn náà ní ohun tí wọ́n lè mú fún un, àpọ́nlé wọn á sì wà níbẹ̀. Ó máa dín pípè náà kù.

Àdùkẹ́ Abẹ́òkúta

Bí ìyá mi bá wá fún wọn tán, tí wọ́n tún pè mí ńkọ́?

Ìyá Ìkìrun

Wọ́n á pè. Ìyá tèmi pè, mo ní ti oṣù yìí ti tán, wọn kò sì bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa títí Iléyá fi kọjá. Lẹ́yìn náà, a rẹ́. Àmọ́ nígbà míì tí wọ́n bá pè nítorí ẹlòmíì, mo máa ń yọ ọ́ nínú owó ọbẹ̀ tèmi. Àwọn ni mo ṣì ń fún lẹ́yìn tó bá ti tán, mi ò sì tíì rí bí mo ṣe lè ṣe é lọ́nà mìíràn.