Ènìyàn 205 ló ṣí fídíò láfún mi: ta ló jókòó wò ó?

Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ilé o. Ẹ jẹ́ kí n ro tèmi, kí ẹni tó bá ti rí irú rẹ̀ bá mi dá sí i.

Ìkànnì mi kéré, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ síbẹ̀ kò tíì pé 300. Fídíò tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí ni èyí tí mo fi kọ́ni bí a ṣe ń ro láfún tí kò fi ní ní kókó. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti ìṣẹ́jú-àáyá 20 ni. Bí mo ṣe gbé e sórí YouTube tán lálẹ́ Ọjọ́rú, mo fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa, ti àwa tí a ń tajà ní Tákìé, àti ti mọ̀lẹ́bí. Gbogbo wọn ló dáhùn pé àwọn ti wò ó, ó dára.

Lọ́jọ́ kẹrin mo ṣí YouTube Studio. Impressions jẹ́ 1,840, Impressions click-through rate, ìyẹn mélòó nínú ọgọ́rùn-ún Impressions ló di títẹ̀, jẹ́ 9.8%, Views sì jẹ́ 412. Mo fi fóònù ṣírò rẹ̀, mo fi 1,840 pín 412, ó bọ́ sí bíi 22%. Báwo wá ni tiwọn ṣe jẹ́ 9.8%? Mo wo Average view duration, ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 56. Ìlà gíráàfù tó ń fi iye àwọn tó ṣì ń wò ó hàn já wálẹ̀ bí ẹni jábọ́ lórí ọ̀pẹ. Nígbà tí yóò fi di 0:30, 38% ló kù. Ó dùn mí gan-an, nítorí odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ṣe fídíò yẹn.

Mo gbà pé àwòrán iwájú ló burú. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo pààrọ̀ àkọlé pẹ̀lú lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Impressions ti di 14,600, ṣùgbọ́n click-through rate ti wálẹ̀ sí 3.1%. Ṣé èmi ni mo fọwọ́ ara mi bà á jẹ́ ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí kò bá ti tó 5%, àwòrán yẹn ò fa ojú mọ́ra. Fídíò ìṣirò tí mo ṣe wà ní 4%. Mo kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà sára àwòrán rẹ̀, ó gòkè sí 6%. Ẹ tún un pààrọ̀, mà, kí ẹ kọ "KÒ NÍ KÓKÓ" sí i kí ó hàn ketekete.

Oníṣẹ́ igbá fínfín, Ọ̀yọ́

Àbúrò, ọ̀rọ̀ àwòrán tí o sọ yẹn lè ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n 5% yẹn kì í ṣe òfin. YouTube fúnra wọn sọ pé ìdajì gbogbo ìkànnì àti fídíò wà láàárín 2% sí 10%, àti pé tuntun tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan lè yà kúrò níbẹ̀ dáadáa.

Ìyá Ìbejì, ohun méjì lẹ lọ́pọ̀ mọ́ra. Wọ́n ń ka Impressions nígbà tí àwòrán fídíò yín bá yọ lójú fóònù ẹnìkan lórí YouTube, tí ó kéré tán ìdajì rẹ̀ hàn fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Líǹkì tí ẹ fi sí WhatsApp kò sí nínú ìyẹn rárá. Ẹni tó gba ibẹ̀ wọlé wà nínú Views, ṣùgbọ́n kò sí nínú Impressions. Ìdí nìyẹn tí ìṣirò yín kò fi bá tiwọn mu. 9.8% nínú 1,840 jẹ́ 180. Ẹ wá ibi tí àwọn 232 yòókù ti wá.

Nípa 3.1%, lọ́jọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn tó mọ̀ yín àti àwọn tó fọwọ́ ara wọn wá láfún ni wọ́n fi hàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e fún àwọn tí kò mọ̀ yín rí. Irú wọn kì í tètè tẹ̀ ẹ́. Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà, ó wálẹ̀ láti 11% sí 3%, bẹ́ẹ̀ mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Níwọ̀n ìgbà tí Impressions bá ń gòkè tí Views náà sì ń pọ̀ sí i, ẹ má jáyà. Ohun tó dùn mí ni pé ẹ pààrọ̀ àwòrán àti àkọlé pọ̀. A ò lè mọ èwo nínú wọn ló ṣe kí ni mọ́.

Bàbá Oníkaṣú

Ẹ jọ̀ọ́, tèmi ti lé ní 20,000 Impressions lórí fídíò kaṣú sísá. Ṣebí ènìyàn 20,000 nìyẹn? Kí ló dé tí wọn ò tíì sanwó?

Oníṣẹ́ igbá fínfín, Ọ̀yọ́

Bàbá, ìgbà tí àwòrán hàn ni wọ́n ń kà, kì í ṣe orí ènìyàn. Ẹnìkan ṣoṣo lè rí i nígbà mẹ́wàá kó má tẹ̀ ẹ́ rárá. Kò sì sí owó nínú ìyẹn. Kí owó ìpolówó tó lè wọlé, wọ́n ń wo 1,000 ènìyàn tó forúkọ sílẹ̀, pẹ̀lú wákàtí 4,000 tí wọ́n fi wo fídíò yín láàárín oṣù 12, tàbí kí Shorts yín ní ìwò mílíọ̀nù mẹ́wàá láàárín 90 ọjọ́.

Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́

Mo ti wá a o. Mo gba Advanced mode, mo yan Traffic source, mo sì dá ọjọ́ rẹ̀ dúró sí ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́. External nìkan, ìyẹn àwọn tó gba ìta YouTube bíi WhatsApp wọlé, jẹ́ 205. Ìṣẹ́jú-àáyá 48 ni wọ́n dúró mọ. YouTube search jẹ́ 96, ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ààbọ̀ lé ní ìṣẹ́jú-àáyá 20 ni àwọn fi dúró. Browse features jẹ́ 84, àwọn dúró ju ìṣẹ́jú méjì àtààbọ̀ lọ.

Àwọn tèmi ni wọ́n ń fa ìlà yẹn wálẹ̀! Wọ́n ṣí i nítorí ìfẹ́, wọ́n rí ojú mi, wọ́n sì bá iṣẹ́ wọn lọ. Mi ò bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n mo tún fídíò náà wò, mo rí i pé mo fi ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kí gbogbo ayé kí n tó gbé ìkòkò kaná. Ẹni tí kò mọ̀ mí kò ní dúró gba ìkíni yẹn.

Ohun kan wà tí kò yé mi. Ní nǹkan bí 5:05, ìlà náà yọ gegele sókè, ó sì tún padà. Ibẹ̀ ni mo ti ń da ìyẹ̀fun sínú omi híhó. Ṣé wọ́n fẹ́ràn ibẹ̀ ni?

Oníṣẹ́ igbá fínfín, Ọ̀yọ́

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Gegele sábà máa ń túmọ̀ sí pé àwọn kan fà á padà wò. Mo ní irú rẹ̀ lórí fídíò ibi tí mo ti ń fi ọ̀bẹ ya ìlà sára igbá, mo sì ń yọ̀ sí i. Nígbà tí mo fi gbohùngbohùn etí gbọ́ ọ dáadáa, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ló bo ohùn mi mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí wọn kò gbọ́ ni wọ́n ń wá. Ẹ fi etí sí tiyín, kí ẹ tún wò ó bóyá ọwọ́ yín bo ìkòkò nígbà tí ẹ ń dà á.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé iye àwọn tó wò ó kéré. Nínú 96, bí ènìyàn mẹ́ta bá jáde lẹ́ẹ̀kan náà, yóò dà bíi pé ọjà tú.

Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́

Òótọ́ lẹ sọ, bàbá. Èéfín ìkòkò ló bo ojú kámẹ́rà níbẹ̀. Wọn ò rí bí ìyẹ̀fun náà ṣe pọ̀ tó.

Mo ti ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì, lórí gbẹ̀gìrì. Orí ìkòkò ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo kí wọn nígbà tí mo ń fọ ẹ̀wà. Mi ò fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ síbì kankan. Ní 0:30, 67% ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Views kò ju 131 lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin.

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH

Mà, ẹ má dá líǹkì dúró pátápátá. WhatsApp ló mú àwọn 50 àkọ́kọ́ tó forúkọ sílẹ̀ sọ́dọ̀ mi wá. Ẹni tó dúró ìṣẹ́jú-àáyá 48 lónìí lè wá se é lọ́jọ́ Àìkú.

Oníṣẹ́ igbá fínfín, Ọ̀yọ́

Èmi kì í fi ránṣẹ́ títí ọ̀sẹ̀ kan fi pé. Àmọ́ mi ò lè bá a jiyàn, ìkànnì tirẹ̀ dàgbà jù tèmi lọ nígbà tó wà ní iye ọjọ́ tiyín.

Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ rírò ló kàn. WhatsApp ọlọ́jà Tákìé nìkan ni màá fi ránṣẹ́ sí, torí wọ́n ń se é lójoojúmọ́. Màá mú iye External wá síbí lọ́jọ́ kẹrin.