"Wákàtí mẹ́rin mẹ́rin" nínú ìwé oògùn

Olùbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ìwé pélébé inú páálí parasítámọ́ọ̀lù fún àgbàlagbà ni mò ń tú. Mo kọ ọ́ pé "Ẹ lo hóró kan tàbí méjì ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin." Ẹnì kan ní kò dáa. Kí ló burú níbẹ̀?

Apògùn: Àpètúnpè yẹn ló burú. Hóró kan jẹ́ mílígíráàmù 500. Ẹni tó bá gba "mẹ́rin mẹ́rin" gbọ́, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló máa lò ó tílẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́, méjì méjì lọ́nà mẹ́fà sì ti di 12, bẹ́ẹ̀ 8 péré ni wọ́n fàyè gbà. Ẹ kọ ọ́ pé kí wákàtí 4 ti kọjá, ó kéré tán, kí wọ́n tó tún lò ó, tí ara bá ṣì ń ro wọ́n o.

Akẹ́kọ̀ọ́: Ṣebí kó kàn fi "ẹ má lò ju 8 lọ lójúmọ́" kún un, ó parí.

Apògùn: Ojúmọ́ kẹ̀? Ẹni tó lo 8 tán lálẹ́, tílẹ̀ bá ti mọ́ á ní ojúmọ́ tuntun nìyẹn, á tún bẹ̀rẹ̀. "Láàárín wákàtí 24" ni kó kọ.

Àgbà Atúmọ̀: Bàbá mi ń sọ "ọjọ́ márùn-ún márùn-ún" títí wọ́n fi kú, kò sẹ́ni tó ṣì í kà! Èyí tó ń bí mi nínú ni "àtúnbọ̀tán oògùn" tí wọ́n fi ń túmọ̀ "side effects". Ìgbẹ̀yìn ayé èèyàn là ń pè bẹ́ẹ̀. "Ipa ẹ̀gbẹ́" ló tọ́.

Apògùn: Ẹ̀gbọ́n, wọ́n á rò pé egungun ìhà ló máa dùn wọ́n.

Ìyá Ìbejì: Ẹ gbà mí o, èmi lo hóró méjì nígbà tí ọ̀fìnkìn mú mi, mo tún po oògùn ọ̀fìnkìn oníyẹ̀ẹ̀fun mu lé e. Nọ́ọ̀sì ló ka ẹ̀yìn páálí fún mi pé parasítámọ́ọ̀lù wà nínú ìyẹn náà. Ṣé àtúnbọ̀tán nìyẹn?

Apògùn: Rárá mà, ìyẹn lè di àlòjù. Èyí tí wọ́n ń jà lé lórí ni kéèyàn lò ó bó ṣe yẹ kí ara wá sú, ìyẹn ò sì wọ́pọ̀. Tójú bá wú tàbí tí èémí ò já geere, ilé ìwòsàn kíá ni. Àlòjù ló ń tanni jẹ: ọjọ́ kìíní ara lè dá ṣáṣá, kẹ́dọ̀ sì ti máa bà jẹ́ lábẹ́lẹ̀. Oògùn tó ń pa oró ẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ jù tí wọ́n bá fúnni kí wákàtí 8 tó pé. Torí náà, olùbéèrè, tẹ́ ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ àlòjù, ẹ má kọ "tí ara yín ò bá yá, ẹ lọ rí dókítà." "Bí ara yín tilẹ̀ yá" ni kẹ́ ẹ kọ.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé, sà. Mo ti yí méjèèjì padà. Àtúnbọ̀tán ńkọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́: "Wàhálà tí oògùn lè dá sílẹ̀."

Àgbà Atúmọ̀: Ìyẹn gbólóhùn, kì í ṣe ọ̀rọ̀! Ta ló tilẹ̀ kọ́ ẹ ní mọfọ́lọ́jì?