Orúkọ wo la ó pe àmì tó wà nínú 111010.101?

Tíṣà Polí:
Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ará. Mo ń fi Yorùbá ṣàlàyé fún àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní bí a ṣe ń yí nọ́ńbà padà láti báínárì sí ọ́kítà, dẹ́símà àti hẹksadésímà. Kí ni ká máa pe òǹkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí? Kí ni ká sì máa pe àmì tó ya odindi sọ́tọ̀ kúrò lára ìdá? “Àmì dẹ́símà” ni gbogbo wọn ń pè é. Nínú iṣẹ́ àṣetiléwá tó kọjá, ọ̀pọ̀ wọn yí 58.625, tí í ṣe 111010.101 nínú báínárì, padà sí 3A.5 nínú hẹksadésímà.

Ọmọ Ifẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ti rí i tí àwọn kan ń kọ “ìpìlẹ̀ méjì”, àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ ọ lè rò pé ìpìlẹ̀ méjì ló wà nílẹ̀. Mo dábàá òǹkà eléjì, òǹkà ẹlẹ́jọ, òǹkà ẹlẹ́wàá àti òǹkà ẹlẹ́rìndínlógún. Iye ẹyọ tí òǹkà kọ̀ọ̀kan ní ni orúkọ rẹ̀ ń sọ.

Ní ti àmì yẹn, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ àmì dẹ́símà bó ṣe wà. Orúkọ kọ́ ló ba iṣẹ́ àwọn ọmọ náà jẹ́. Wọn kò fi òdo kún 101 kó pé mẹ́rin kí wọ́n tó kà á ni.

Ìyá Ẹlẹ́rọ:
Àbúrò, mo gba òǹkà eléjì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ òdo yẹn ni mi ò gbà. Ẹ tún wo 3A.5 dáadáa: àwọn ọmọ náà fi òdo kún un. Iwájú ni wọ́n fi í sí. 101 di 0101, ìyẹn sì ni márùn-ún. Ẹ̀yìn ló yẹ kí òdo náà wà, kó di 1010, tí í ṣe mẹ́wàá, tí òǹkà ẹlẹ́rìndínlógún ń kọ ní A. 3A.A ni ìdáhùn.

Mo mọ ibi tí wọ́n ti kó àṣà náà. Lápá odindi, iwájú gan-an la ti ń fi òdo kún un. 58 nínú òǹkà eléjì ni 111010. Tí a bá ń ṣà á ní mẹ́rin-mẹ́rin láti ẹ̀bá àmì lọ sápá òsì, a ó kọ́kọ́ rí 1010, 11 á sì ṣẹ́kù. A ó fi òdo méjì síwájú 11 yìí kó lè di 0011. Bí a ṣe rí 3 àti A nìyẹn. Wọ́n wá gbé ohun kan náà dé apá ọ̀tún, níbi tí kò ti bá a mu.

Lápá ọ̀tún, ẹyọ kìn-ín-ní lẹ́yìn àmì jẹ́ ìdajì, èkejì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹ̀kẹta jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ. Nítorí náà, .101 jẹ́ 0.5 àti 0.125, àpapọ̀ rẹ̀ sì ni 0.625. Tí o bá ki òdo bọ iwájú rẹ̀, o ti sún gbogbo wọn kúrò nípò: ìdajì di ìdá kan nínú mẹ́rin, gbogbo iye náà sì fọ́ sí méjì, ó di 0.3125. Òdo tó bá wà lẹ́yìn kì í sún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ lè rí àṣìṣe yìí fúnra rẹ̀ kó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. 0.625 ju ìdajì lọ. Nínú òǹkà ẹlẹ́rìndínlógún, ìdá tó bá tó ìdajì gbọ́dọ̀ ní ẹyọ tó tó 8 níwájú, torí 8 ni ìdajì 16. 5 kò tó 8, nítorí náà 3A.5 kò lè jẹ́ 58.625. Nínú òǹkà ẹlẹ́jọ, 4 ni ààlà irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti fura pé wọ́n ti kọsẹ̀ pẹ̀lú: 111 010 . 101 pé ní mẹ́ta-mẹ́ta láìní òdo kankan, ó fún wọn ní 72.5, ó sì tọ̀nà. Wọ́n rí 5 níbẹ̀, wọ́n tún rí 5 níbí, ọkàn wọn balẹ̀.

Ìdí nìyí tí orúkọ fi ṣe pàtàkì sí mi. Ọmọ tó bá gbọ́ “dẹ́símà” yóò ka .101 bí ẹni ń ka ìdá nínú ẹgbẹ̀rún. Mo fẹ́ kí a máa pè é ní àmì ààlà. Láti ààlà la ti ń ṣà, a ń lọ sósì, a sì ń lọ sọ́tùn-ún. Ìpẹ̀kun tó jìnnà sí ààlà jù lọ ni òdo àfikún sì máa ń wà, ní ìhà méjèèjì.

Oníkóòdù Ìbàdàn:
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ohun tí ẹ ń sọ yìí ló fa wàhálà tèmi? Mo kọ ètò kékeré kan fún ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ṣírò náírà àti kọ́bọ̀. Ẹ wo ohun tó kọ fún mi ní Páítọ̀n:

```
>>> 0.1 + 0.2
0.30000000000000004
```

Mo ti rò pé kọ̀ǹpútà náà ti bàjẹ́. Àmì wo ni kí n yí padà kó lè ṣírò dáadáa?

Ìyá Ẹlẹ́rọ:
Kò bàjẹ́, ọmọ mi, kò sì sí àmì tí o lè yí padà tí yóò tún un ṣe. Ìbéèrè mìíràn lo mú wá, àmọ́ ó bọ́ sásìkò, torí apá tó le jù nínú iṣẹ́ àwọn ọmọ Tíṣà nìyẹn.

0.625 parí nínú òǹkà eléjì nítorí pé 5 nínú 8 ni, a sì lè pín 8 sí méjì léraléra títí yóò fi di 1. 0.3 jẹ́ 3 nínú 10. Pín 10 sí méjì, 5 ló kù, 5 kò sì ṣeé pín sí méjì mọ́. Ìdá irú èyí kì í parí láé nínú òǹkà eléjì, kì í sì í parí nínú ẹlẹ́jọ tàbí ẹlẹ́rìndínlógún.

Ẹ jẹ́ ká mú 58.3. Odindi rẹ̀ la máa ń pín sí méjì léraléra, a ó kọ àṣẹ́kù sílẹ̀, a ó sì kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ìdá rẹ̀ ńkọ́? Òun la ń sọ di ìlọ́po méjì. Odindi tó bá jáde la ń yọ, a sì ń kà á láti òkè wá sísàlẹ̀:

```
0.3 × 2 = 0.6   0
0.6 × 2 = 1.2   1
0.2 × 2 = 0.4   0
0.4 × 2 = 0.8   0
0.8 × 2 = 1.6   1
0.6 × 2 = 1.2   1
```

0.6 ti padà wá, nítorí náà ohun tó tẹ̀ lé e tẹ́lẹ̀ náà ni yóò tún tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn òdo àkọ́kọ́, 1001 yóò máa yí po láìdúró. Tí a bá ṣà á ní mẹ́rin-mẹ́rin láti ààlà, 0100 1100 1100 ló máa fún wa, ìyẹn 3A.4CCC, tí C yóò máa lọ bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò ní àyè tí kò lópin. Ó gbọ́dọ̀ gé e níbì kan, ibi tó ti gé e ni 4 inú ìdáhùn rẹ ti wá. Kọ́bọ̀ ni kí o máa fi ka owó ṣọ́ọ̀bù yẹn ní odindi. Ìgbà tí o bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ni kí o tó pín in sí 100.

Tíṣà Polí:
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Tí ìbéèrè bá ní kí wọ́n fi 58.3 sí ipò mẹ́rin lẹ́yìn ààlà, ṣé 3A.4CCC ni kí n fún ní máàkì ni?

Ọmọ Ifẹ̀:
3A.4CCD ni, sà. Ẹyọ tó tẹ̀ lé e ni C, ó sì ti kọjá 8, torí náà a gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan kún èyí tó wà níwájú rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́rọ:
Ó sún mọ́ 58.3 ju 3A.4CCC lọ lóòótọ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí mo mọ̀ ń fẹ́ kí a kàn gé e, tí ìbéèrè kò bá dárúkọ ìsúnmọ́. Kí ìbéèrè fúnra rẹ̀ sọ èyí tó ń fẹ́. Èmi á fún méjèèjì ní máàkì títí ìgbà yẹn.

Bàbá Ọ̀yọ́:
Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ. Kí ni ẹ ń wá A, B, C kiri sí? Ojú odù mẹ́rìndínlógún ló wà. Ipò mẹ́rin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, ojú kan tàbí ojú méjì ló sì ń wà ní ipò kọ̀ọ̀kan. Ẹ pe òdo ní Ogbè, ení ní Ọ̀yẹ̀kú, èjì ní Ìwòrì, ẹ̀ta ní Òdí, títí dé Òfún.

Ìyá Ẹlẹ́rọ:
Ẹ ṣeun, Bàbá. Òótọ́ lẹ sọ: mẹ́rin-mẹ́rin tí à ń ṣà yẹn gan-an ni ojú odù, odù 256 sì ni iye tí ẹyọ méjì òǹkà ẹlẹ́rìndínlógún lè kọ. Ètò wọn ló yẹ ká ṣọ́ra fún. Tí a bá fi 1 kọ ojú kan, tí a fi 0 kọ ojú méjì, Ogbè á jẹ́ 1111, ìyẹn F. Ọ̀yẹ̀kú á jẹ́ òdo. Ìwòrì ni 0110, tí í ṣe 6. Òdí ni 1001, tí í ṣe 9. Ipò àgbà ni odù ń tẹ̀ lé, kì í ṣe bí òǹkà ṣe ń gòkè. Ọmọ tí a bá sọ fún pé Ìwòrì ni èjì, ojú tó tẹ̀ sílẹ̀ á máa sọ 6 fún un.

Bàbá Ọ̀yọ́:
Ẹ jẹ́ kí Ìwòrì máa jẹ́ 6 nígbà náà, kí Òdí máa jẹ́ 9. Ojú odù kò ní parọ́ fún ọmọ.

Ìyá Ẹlẹ́rọ:
Èyí dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, Bàbá, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹrù tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ tí kò mọ odù yóò ní orúkọ mẹ́rìndínlógún láti há sórí kó tó yí nọ́ńbà kan ṣoṣo padà. Mi ò tíì mọ èyí tí màá gbà.

Tíṣà Polí:
Ọ̀rọ̀ A, B, C yẹn ti dá wàhálà sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi tẹ́lẹ̀ o. Ọmọ kan kọ A, B, D, E, Ẹ, F torí pé álífábẹ́ẹ̀tì wa kò ní C. Bó ṣe sọ D di 12 nìyẹn, tó sì jẹ́ pé 13 ni. Mo ní kó fi C sílẹ̀ bó ṣe wà, kó máa pè é ní “síì”. Màá bẹ̀rẹ̀ sí í lo àmì ààlà láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọmọ Ifẹ̀:
Mo ṣì ń rò ó, mà. Báwo la ó ṣe máa pe 3A.A lẹ́nu? “Mẹ́ta, A, ààlà, A”?

Ìyá Ẹlẹ́rọ:
Bẹ́ẹ̀ ni, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. 111010.101 náà á jẹ́ “ení, ení, ení, òdo, ení, òdo, ààlà, ení, òdo, ení”. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe 10 òǹkà eléjì ní mẹ́wàá, torí méjì ni iye rẹ̀.