Kí ló ń mú wáyà bàbà le bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ kẹ́mísírì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Ibi tó yé mi dé nìyí. Nínú bàbà, áátọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan yọ̀ǹda ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà lóde pátápátá, ó sì di ti gbogbo wọn. Àwọn tó ń rìn fàlàlà yìí ló ń gbé iná, àwọn náà ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà tí bàbà fi ń dán. Bí a bá tẹ wáyà, ìpele áátọ́ọ̀mù á yọ̀ lórí ara wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣì so wọ́n pọ̀, kò ní kán. Iyọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀, fífọ́ ló máa ń fọ́.

Mo wá bó rọ́bà ara wáyà kan, mo ń tẹ ojú kan náà síwá sẹ́yìn. Ó kọ́kọ́ rọ̀, ó wá ń le, ó sì kán. Mo fi òmíràn tó ti le sórí iná gáàsì títí ó fi pọ́n. Nígbà tó tutù, ó tún rọ̀. Ó dúdú lóòótọ́, àmọ́ ìyẹn ò ṣàjèjì, ọ́síjìn ló fà á.

Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bá ṣì wà níbẹ̀, kí ló ń dí ìpele wọ̀nyẹn lọ́wọ́ àtiyọ̀? Kí ni iná tún ṣe níbẹ̀? Ṣé wáyà tó ti le yìí ṣì ń gbé iná bíi ti tẹ́lẹ̀?