Àìsan, àìtíìsan tàbí àìsantán?

Akọ̀wé owó ilé ìtẹ̀wé, Ìbàdàn:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ káàsán o. Mo ń kọ ìwé pélébé ní Yorùbá fún àwọn tó ń bá wa ṣe àkáǹtì. Mo dé ibi òfin tó ń kun ìnífọ́ìsì ní yẹ́lò nínú Excel, èyí tí ọjọ́ ìsanwó ẹ̀ ò ju ọ̀sẹ̀ kan sí i mọ́, tí wọn ò sì tíì san án. Mo pè é ní "òfin akunwó-àìsan ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀". Ṣé ó dáa?

Tíṣà àgbà, Ọ̀yọ́:
Ó tì o. Ẹ má bínú, mi ò lè rí irú èyí kí n dákẹ́. Ta ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ mọ́ nígbà tó bá ń fi fóònù tẹ̀wé? Ẹ yọ àmì kúrò lórí àìsan yẹn kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹni tó bá kà á ò ní pè é ní àìsàn. Ìyẹn gan-an kọ́ ló tiẹ̀ ń dùn mí jù. Àìsan ò sọ nǹkan kan nípa àsìkò. Ẹni tó kọ̀ jálẹ̀ tí ò san, tiẹ̀ ni àìsan. Ẹni tí ọjọ́ ẹ̀ ò tíì pé ò jẹ̀bi ẹnì kankan, kò TÍÌ san ni. Màmá mi àgbà ta aṣọ òfì títí ó fi darúgbó, ẹ bi í léèrè owó lọ́wọ́ oníbàárà, á ní "kò tíì san, ó ń bọ̀". Ọjọ́ tó bá ní "kò san", gbogbo ilé ti mọ̀ pé ó ti dìjà. Ẹ kọ àìtíìsan. Tíì yẹn ò gbọdọ̀ sọnù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Lọ́ńdọ̀nù:
Mo fara mọ́ tíì, ṣùgbọ́n "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" dáa bẹ́ẹ̀, ẹ má yí i. Ohun tó wà nínú Excel fúnra ẹ̀ náà nìyẹn. Ẹ lọ sí Conditional Formatting, Highlight Cells Rules, A Date Occurring, kẹ́ ẹ mú Next week, ó parí, kò gba fọ́múlà kankan.

Ìyá Ìbejì oníṣirò owó, Abẹ́òkúta:
Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ jẹ́ ká ní òní jẹ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ 3 oṣù kẹfà 2024. Ìnífọ́ìsì kan wà tí ọjọ́ ìsanwó ẹ̀ bọ́ sí Tọ́sìdeè yìí, ọjọ́ 6, òmíràn bọ́ sí Fúráìdeè ọjọ́ 14. Next week tẹ́ ẹ wí yẹn, èyí ọjọ́ 14 ló máa kùn, kò ní fọwọ́ kan èyí ọjọ́ 6 tó kù sí dẹ̀dẹ̀, torí ọ̀sẹ̀ kàléńdà tó tẹ̀ lé ti ìsinsìnyí ló ń wò. Kò sì ní bèèrè bóyá wọ́n ti san án tàbí wọn ò san án. Ohun tí ẹ sọ náà ló ṣe. Ohun tí akọ̀wé ní lọ́kàn ni "láàárín ọjọ́ méje sí òní", ìyẹn sì yàtọ̀ sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Èmi máa ń kọ́kọ́ yan láti A2 dé E200, kí n lọ sí New Rule, kí n mú Use a formula to determine which cells to format, kí n wá kọ

```
=AND($D2>=TODAY(),$D2<=TODAY()+7,$E2="")
```

D ni ọjọ́ ìsanwó, E ni ibi tí mò ń kọ ohun tó wọlé sí. Àmì dọ́là tó wà níwájú lẹ́tà ló ń jẹ́ kí gbogbo ìlà náà gba àwọ̀. Ẹ má fi síwájú 2 o, tẹ́ ẹ bá fi síbẹ̀, ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni gbogbo ṣíìtì á máa wò. Ohun kan sì ti fìyà jẹ mí rí, ìnífọ́ìsì kan kọ̀ kò gba àwọ̀, mo wo fọ́múlà títí ojú ń ro mí. Àṣé ẹni tó tẹ ọjọ́ ẹ̀ fi dọ́ọ̀tì sáàárín, 6.6.2024, kọ̀ǹpútà wa sì kà á sí ọ̀rọ̀ lásán. Ojú lẹ fi ń mọ̀ ọ́n: tẹ́ ò bá tíì fọwọ́ tò ó, ọjọ́ gidi á fara ti apá ọ̀tún sẹ́ẹ̀lì, èyí tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ á lọ fara ti apá òsì.

Nọ́ọ̀sì kan, Ìlọrin:
Ẹ kú iṣẹ́. Èmi kà á sí àìsàn lóòótọ́, mo rò pé ìwé àwọn aláìsàn lẹ fẹ́ kùn, ìdí tí mo fi ṣí i nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó kàn mí. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ a ní irú ṣíìtì yìí. Ẹnì kan jẹ 40,000 náírà, ó mú 15,000 wá, ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kọ "ó san díẹ̀" síbẹ̀, ni yẹ́lò bá lọ. Kò sẹ́ni tó rántí 25,000 tó kù mọ́ títí obìnrin náà fi kó kúrò ládùúgbò. Ṣé ìyẹn náà jẹ́ àìtíìsan? Ó kúkú ti san nǹkan.

Ìyá Ìbejì oníṣirò owó, Abẹ́òkúta:
Ẹ ṣé gan-an, ibi tí fọ́múlà mi ti kù díẹ̀ káàtó nìyẹn. `$E2=""` kàn ń bèèrè bóyá sẹ́ẹ̀lì ṣófo ni. Ẹ fi iye owó sí C, kẹ́ ẹ máa kọ iye tó ti wọlé sí E, nọ́ńbà nìkan, kò gbọdọ̀ sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi `$E2<$C2` rọ́pò ẹ̀. 15,000 kéré sí 40,000, yẹ́lò ò ní kúrò. Tí sẹ́ẹ̀lì bá ṣófo, òdo ló kà á sí, ìyẹn náà á gba àwọ̀. Torí náà àìsantán lorúkọ tó yẹ ẹ́.

Tíṣà àgbà, Ọ̀yọ́:
Àìsantán! Ẹ tún yọ àmì, ó di ẹni tí ara ẹ̀ ò tíì sàn tán. Ẹ sì tún ti gbé tíì sọnù. Àìtíìsantán ni, bó tilẹ̀ gùn.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ lórí méje yẹn. Ọmọ tí wọ́n bí ní Mọ́ńdè, Mọ́ńdè la ń sọ ọ́ lórúkọ, ọjọ́ kẹjọ la sì ń pè é, torí à ń ka ọjọ́ tí wọ́n bí i mọ́ ọn. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń ka ọjà náà nìyẹn, ọrún ń jẹ́ ọjọ́ márùn-ún ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ló ń yí po. Nínú fọ́múlà yín, láti ọjọ́ 3 dé ọjọ́ 10, ẹ fi ìka kà á, mẹ́jọ ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pè é ní ọjọ́ méje ní Yorùbá, +6 lẹ gbọdọ̀ kọ.

Ìyá Ìbejì oníṣirò owó, Abẹ́òkúta:
Bàbá, mo gbà pé mẹ́jọ ni. Ṣùgbọ́n ní Mọ́ńdè, Mọ́ńdè kejì ni ọ̀gá máa ń fẹ́ rí, mi ò lè yọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká yí orúkọ padà, kí iṣẹ́ dúró bó ṣe wà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Lọ́ńdọ̀nù:
Kí la wá ń ka ọjọ́ sí nínú orúkọ? Ìyá Ìbejì ti sọ ọ́ láìmọ̀, "tó kù sí dẹ̀dẹ̀". Òfin akùdẹ̀dẹ̀. Ó kúrú, ó dùn ún pè.

Tíṣà àgbà, Ọ̀yọ́:
Sí dà? Kù SÍ dẹ̀dẹ̀ ni. Ta ló fún yín láṣẹ láti jẹ ẹ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Lọ́ńdọ̀nù:
Bàbá, nílé wa báyìí la ṣe ń sọ ọ́, àwọn tó tọ́ mi náà kì í ṣe ọmọdé.

Akọ̀wé owó ilé ìtẹ̀wé, Ìbàdàn:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín o. Mo ti kọ àìtíìsantán, mo ti yọ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kúrò, mo fi `$E2<$C2` sí i. Mo kọ +6, ọ̀gá wa ti dá a padà sí +7. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí ni mo rí i pé ìnífọ́ìsì tí ọjọ́ ẹ̀ pé lánàá ti bọ́ yẹ́lò sílẹ̀, wọn ò sì mú kọ́bọ̀ wá. Mo fẹ́ fi òfin pupa kun irú ẹ̀. Ṣé ìyẹn ló wá ń jẹ́ àìsan?