Náírà 1,800 ní kílò ni mo fọwọ́ sí, owó wóró ike nìkan ti gbé e mì

Ọlọ́rá Òkè Àjé, Ìjẹ̀bú-Òde (24 oṣù Kejì 2024)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ni mò ń tẹ̀. Ní ìparí oṣù Kejìlá, èmi àti bàbá kan tó ní ilé iṣẹ́ omi ní Òde Rẹ́mọ kọ̀wé àdéhùn ọdún kan: tọ́ọ̀nù méjì lóṣooṣù, náírà 1,800 ní kílò. Dọ́là ò ju nǹkan bí 900 lọ nígbà náà. Ó ti kọjá 1,500 báyìí, dọ́là sì ni àwọn tó ń ta wóró ike fún mi l'Ékòó fi ń wo ọjà wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé náírà ni mò ń kà fún wọn. Ìwé wa ò sọ ohun tí a máa ṣe tí owó bá yí padà.

Mo fẹ́ sọ fún bàbá pé kí wọ́n máa san 3,000, torí dọ́là ti fi ìdá méjì nínú mẹ́ta lé. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má sọ pé mo da àdéhùn. Báwo ni kí n ṣe gbé e kalẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Àǹtí, kí lẹ ń bẹ̀rù? Ohun tó kọjá agbára ẹ̀dá nìyẹn. Àfọwọ́fà ìjọba ni, kì í ṣe yín. Àdéhùn yẹn ti tú fúnra rẹ̀. Sìlíńdà tí ẹ fi ń tẹ orúkọ wọn ṣáà wà lọ́dọ̀ yín, ẹ dá ọjà dúró, kí ẹ di sìlíńdà mú. Àwọn fúnra wọn ni yóò pè yín.

Àgbà Ṣágámù

Àbúrò, ẹ rọra. Ọdún 22 ni mo fi ra ọjà fún ilé iṣẹ́ kan nílùú wa yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà fún wa. Pé àdéhùn di àdánù ò ní kó tú. Ilé ẹjọ́ kì í gbà bẹ́ẹ̀, àfi tí ìwé bá sọ ọ́. Oṣù Kẹfà 2023 ni Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀. Oṣù Kejìlá ni ìyá wa fọwọ́ sí ìwé. Tó bá wí pé òun ò mọ̀ pé náírà lè já, lọ́yà bàbá á kàn bi í pé ibo ló wà láti oṣù Kẹfà. Tó bá dá ọjà dúró, òun gan-an ló da àdéhùn. Ta ló sì sanwó sìlíńdà?

Ọlọ́rá Òkè Àjé

Bàbá ni wọ́n san án, sà.

Àgbà Ṣágámù

Ohun ìní wọn nìyẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ sọ nǹkan mẹ́ta fún mi. Nínú 1,800 yẹn, èló ló lọ sórí ohun tó ń tẹ̀lé dọ́là? Wóró mélòó lẹ ṣì ní tí ẹ rà kí owó tó gun òkè? Bàbá ti san owó kankan sílẹ̀?

Ọlọ́rá Òkè Àjé

Wóró àti yíǹkì jẹ́ 1,080. Dísù, owó òṣìṣẹ́ àti owó ilé jẹ́ 500. Èrè mi ni 220. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta tí mo rà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ṣì wà nílẹ̀. Bàbá ti san mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rin ẹgbẹ̀rún sílẹ̀.

Oníbúrẹ́dì Ìpéru

Ẹ kú ìnáwó, ìyá. Fúláwà náà ti sọ wá di ẹdun arinlẹ̀. Ẹni tó ń kó fúláwà fún mi kàn fi iye tuntun ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Sunday, kò tilẹ̀ kí mi. Ẹ bá mi bá a wí! Ṣé ẹ lè kọ̀ láti sanwó fún tiyín náà?

Àgbà Ṣágámù

Ìyá oníbúrẹ́dì, ọlọ́rá ló ń tajà níbí, kì í ṣe ẹni tó ń rà. Ṣùgbọ́n bó ṣe dùn yín yẹn ló máa dun bàbá Òde Rẹ́mọ.

Ọlọ́rá, 3,000 ò bójú mu. Ẹ ti fi dọ́là lé owó dísù àti owó òṣìṣẹ́ yín, àwọn tí dọ́là ò kàn tààrà. 1,080 nìkan ló ń rìn pẹ̀lú dọ́là. Láti 900 sí 1,500, ó di 1,800. Ẹ fi 500 àti 220 kún un, ó di 2,520. Iye tí ẹ lè gbèjà nìyẹn. Ẹni tó mọ ọjà rà á ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tó bá sì rí i pé ẹ fi 480 gun orí rẹ̀, kò ní gba ohun tó kù gbọ́.

Ẹ fi ìṣirò náà hàn wọ́n bó ṣe wà, kí ẹ sì sọ pé tí ẹ bá ń bá a lọ ní 1,800, 500 lẹ ń pàdánù lórí kílò kan, mílíọ̀nù kan lóṣù. Tí ẹ bá kógbá wọlé, wọn ò ní rí ọ̀rá. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń mú oníbàárà gbọ́ ju ẹ̀bẹ̀ lọ.

Tọ́ọ̀nù kan tí wọ́n ti sanwó rẹ̀, ẹ fún wọn ní 1,800. Méjì tó kù nínú wóró àtijọ́ náà, 1,800. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní owó yẹn ò ní ra òmíràn, òótọ́ ni, àmọ́ wọ́n á bi yín, irọ́ níbẹ̀ á ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn èyí ni iye tuntun á bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ wá fún wọn ní nǹkan tí kò sí nínú ìwé àkọ́kọ́, torí ìlérí pé wọ́n á san jù lásán, láìgba nǹkan kan, kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ níwájú adájọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lè jáde pẹ̀lú ìkìlọ̀ oṣù kan. Kí iye náà sì máa sọ̀kalẹ̀ tí dọ́là bá sọ̀kalẹ̀. Ẹ kọ ọ́, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Dọ́là èwo, sà? Ti báńkì àbí ti mọ́là? Ìwé tí oníwóró bá já fún Àǹtí ló yẹ kí wọ́n tẹ̀lé. Kì í ṣe dọ́là nìkan ló ń gbé wóró lọ sókè, òun fúnra rẹ̀ ń wọ́n nílùú òyìnbó.

Àgbà Ṣágámù

Ibí yìí lo ti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá lè ní oníwóró àti ọlọ́rá ti jọ sọ̀rọ̀. Iye Báńkì Àpapọ̀, gbogbo ayé ló ń rí i. Èmi á mú ti báńkì, ìwọ mú tìrẹ.

Ọlọ́rá Òkè Àjé (20 oṣù Kẹrin 2024)

Ẹ ṣé o. Bàbá gbà, èrè mi bọ́ sí 150, a fọwọ́ sí 2,450, ti báńkì la mú. Àmọ́ dọ́là ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 1,200, wọ́n sì pè mí láàárọ̀ pé 2,090 ni àwọn á san. Ìṣirò yẹn ò burú. Tọ́ọ̀nù méjì tí mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́, tí mo ti rà ní oṣù Kẹta nígbà tí dọ́là wà ní 1,500? 2,300 ni kílò kan ná mi.

Àgbà Ṣágámù

Ìwé yín sọ pé iye ọjọ́ wo lẹ máa lò, ọjọ́ tí ẹ ra wóró àbí ọjọ́ tí ẹ gbé ọ̀rá fún wọn?

Ọlọ́rá Òkè Àjé

A ò kọ ọjọ́ kankan, sà.

Oníbúrẹ́dì Ìpéru

420,000 nìyẹn o. Ẹ lọ bá bàbá lónìí, ẹ má fi lẹ́tà ránṣẹ́.