Mílíọ̀nù kan lórí gbèsè ilé: ṣé kí n fi dín oṣù kù, àbí iye oṣooṣù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa owó yíyá. Mílíọ̀nù 10 náírà la yá, èlé 24% lọ́dún, ọdún 10 la ó fi san án, ₦220,481 lóṣooṣù. Lórí gbèsè tó bá ṣẹ́ kù ni báǹkì ti ń ṣírò èlé, 2% lóṣù. Ìdí nìyẹn tí èlé fi gba ₦200,000 lóṣù kìíní, tó jẹ́ ₦20,481 péré ló dín ojú owó. Lẹ́yìn oṣù 12, gbèsè ṣì ku nǹkan bí ₦9,725,300.

Mo fẹ́ san mílíọ̀nù kan lé e. Tí iye oṣooṣù ò bá yí padà, nǹkan bí oṣù 28 ló máa dín kù. Tó bá jẹ́ oṣù ni ò yí padà, sísan á wálẹ̀ sí nǹkan bí ₦197,800. Ti àkọ́kọ́ ló wù mí. Ẹ̀rù mi ni kí báǹkì má lọ kà á sí owó oṣù tó ń bọ̀, kí ojú owó wà bó ṣe wà. Èlé oṣù tó bá tẹ̀ lé e ló máa fi hàn: bí ₦174,500 ló yẹ kó jẹ́, kì í ṣe ₦194,500.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ sínú lẹ́tà tí mo máa fún báǹkì gan-an? Ṣé wọ́n sì máa ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá san ṣáájú àkókò?